Mo yí orúkọ Wáífáì mi padà, mo sì fi í pamọ́: kí ni mo rí gbà níbẹ̀?

Arínúróde

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Mo ra ráúta tuntun. Orúkọ tó ń polongo láti ìgbà tí mo ti tú u kúrò nínú páálí ni orúkọ ilé-iṣẹ́ tó ṣe é, pẹ̀lú lẹ́tà àti nọ́ńbà mẹ́rin lẹ́yìn rẹ̀. Mi ò fẹ́ kó máa jẹ́ bẹ́ẹ̀ mọ́. Mo wọ ojú ewé ètò rẹ̀, mo dé ibi tí wọ́n kọ `SSID` sí, mo sì kọ `Ẹ Káàbọ̀ Sílé Ayọ̀ Wa` síbẹ̀. Ó ní orúkọ náà ti gùn jù. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta: lẹ́tà 19 ni, mo ka àlàfo mọ́ ọn. Wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé 32 ni ààyè tó wà. Nígbà tí mo yọ `Wa` kúrò, ó gbà á.

Mo wá rí àpótí kékeré kan lábẹ́ rẹ̀, `Hide SSID`. Mo fi àmì sí i, nítorí mo rò pé ohun tí ojú olè ò bá rí, ọwọ́ rẹ̀ ò ní tó o. Orúkọ náà pòórá lójú fóònù mi lóòótọ́. Mo fọwọ́ ara mi kọ orúkọ àti páásíwọ́ọ̀dù sínú fóònù, ó wọlé. Mo ṣe ohun kan náà lórí kọ̀ǹpútà alágbèéká mi, ó ní òun ò rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kankan tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Pírìńtà ní tiẹ̀ ò sọ nǹkan kan rárá, iná rẹ̀ kàn ń ṣẹ́jú.

Ìbéèrè mi: kí ló dé tí kọ̀ǹpútà ò fi rí ohun tí fóònù rí? Àti pé gbogbo wàhálà yìí, ṣé ó ń dáàbò bò mí?

Ọmọ_Ẹlẹ́rọ

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má yọ àmì yẹn kúrò o. Èmi ti fi tèmi pamọ́ láti bí ọdún mẹ́ta, kò sẹ́ni tó tíì yọ mí lẹ́nu. Ẹni tó ń wá Wáífáì ọ̀fẹ́, ohun tó bá rí ló máa gbìyànjú láti wọ̀. Tí orúkọ yín ò bá sí nínú ohun tó rí, ilé ẹlòmíràn ló máa lọ. Ní ti orúkọ, ẹ jẹ́ kó máa jẹ́ ohun tó bá wù yín, kò kan ààbò. Páásíwọ́ọ̀dù nìkan ló ń ṣọ́ ilé. Tí ráúta yín bá sì ní WPA3, irú ààbò Wáífáì tó jẹ́ tuntun, ẹ tàn án, gbogbo nǹkan ti bò mọ́lẹ̀ nìyẹn, orúkọ náà pẹ̀lú.

Ìyá_Ìbejì

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá mi lóhùn náà. Ọ̀rọ̀ tèmi jọ èyí. Dátà mi ń tán kí oṣù tó dé ìdajì, mo sì mọ̀ pé ọmọ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ló ń lò ó, torí èmi fúnra mi ni mo fún un ní páásíwọ́ọ̀dù lọ́jọ́ kan tó fẹ́ fi ìwé ránṣẹ́ síléèwé. Mo ti fi orúkọ náà pamọ́ láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ó dáwọ́ dúró fún ọjọ́ méjì, ó tún bẹ̀rẹ̀. Àti pé tí mo bá yí orúkọ padà, ṣé dátà tó kù lórí rẹ̀ kò ní parẹ́?

Bàbá_Wáyà

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dá Ìyá_Ìbejì lóhùn, tiwọn ò le. Mà, orúkọ Wáífáì ò kan dátà yín. Àárín ráúta àti àwọn ohun tó ń wọlé sí i lọ́rọ̀ orúkọ mọ. Síìmù tàbí wáyà tó ń gbé dátà wá ò tiẹ̀ mọ ohun tí ẹ ń pè é. Ní ti ọmọ yẹn, ó ti mọ orúkọ náà kí ẹ tó fi í pamọ́, ó sì mọ páásíwọ́ọ̀dù. Fóònù rẹ̀ ò rí orúkọ náà mọ́ fún ọjọ́ méjì, lẹ́yìn náà ló fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ wọlé, bí Arínúróde ṣe ṣe lórí fóònù tirẹ̀. Páásíwọ́ọ̀dù ni kí ẹ yí padà, ẹ má fi orúkọ da ara yín láàmú. Bí ẹ bá ti yí i, gbogbo ohun tó wà nínú ilé máa já kúrò, tiyín náà. Ẹ wá fún kálukú ní tuntun lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ọmọ_Ẹlẹ́rọ, àbúrò mi, apá kan òótọ́ wà nínú ohun tí o sọ, ṣùgbọ́n ibi mẹ́ta ló ti ṣì í. Jẹ́ kí n sọ ohun tí àpótí yẹn ń ṣe, nítorí púpọ̀ nínú wa ń fi àmì sí i láìmọ ohun tó wà nídìí rẹ̀.

Ráúta tí kò fi orúkọ pamọ́ máa ń polongo ara rẹ̀ bí ìgbà 10 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Nínú ìpolongo kọ̀ọ̀kan ló ti ń sọ orúkọ rẹ̀, nọ́ńbà ara rẹ̀ tí kò yí padà, ọ̀nà tó ń gbà sọ̀rọ̀ àti irú ààbò tó ní. Tí o bá ti fi àmì sí `Hide SSID`, ìpolongo yẹn ò dáwọ́ dúró. Ìgbà 10 náà ni. Nọ́ńbà ara rẹ̀ wà níbẹ̀, ọ̀nà tó ń gbà wà níbẹ̀, irú ààbò tó ní wà níbẹ̀. Ibi tí orúkọ wà nìkan ló fi sílẹ̀ lófo. Ìdí nìyẹn tí fóònù míì fi máa ń kọ `Hidden Network` sínú ohun tó rí: ó gbọ́ ohùn, kò kàn gbọ́ orúkọ.

Fóònù rẹ wá fẹ́ wọlé. Báwo ló ṣe máa mọ̀ pé tìrẹ nìyí, nígbà tí ráúta ò sọ orúkọ mọ́? Òun fúnra rẹ̀ ló máa ké e. Á ní: “Ṣé lágbájá wà níbí?” Ráúta á ní: “Èmi nìyí, lágbájá.” Fóònù á tún dárúkọ náà nígbà tó bá ń bẹ̀bẹ̀ láti wọlé. Gbogbo ìbéèrè àti ìdáhùn wọ̀nyí, ìta gbangba ni wọ́n ti ń sọ ọ́, torí wọn ò tíì ní kọ́kọ́rọ́ kankan láàárín ara wọn tí wọ́n lè fi bo ọ̀rọ̀. WPA2, irú ààbò tó ṣáájú WPA3, ò bò ó. WPA3 náà ò bò ó, Ọmọ_Ẹlẹ́rọ. Ohun tí WPA3 fi kún un ni pé ẹlòmíràn ò lè díbọ́n bíi ráúta rẹ láti lé fóònù rẹ jáde kí ó lè gbọ́ bó ṣe ń padà wọlé. Tí ó bá ní sùúrù di ìrọ̀lẹ́ tí o máa ti ìta dé, á gbọ́ ọ náà.

Mo dán an wò lórí ráúta tèmi, kì í ṣe ti ẹlòmíràn, ẹ̀yin náà ẹ má ṣe é lórí ohun tí kì í ṣe tiyín. Mo gbé kọ̀ǹpútà kan kalẹ̀ tí káàdì Wáífáì rẹ̀ lè máa gbọ́ ohun gbogbo tó ń lọ, mo tan `airodump-ng`, ètò tó ń to àwọn nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó bá gbọ́ sórí ìlà. Lórí ìlà tó jẹ́ ti ráúta mi, ibi tí orúkọ yẹ kó wà kọ `<length:  0>`. Mo pa Wáífáì fóònù mi, mo tún tàn án. Kí n tó gbé ojú kúrò lórí fóònù padà sí kọ̀ǹpútà, orúkọ mi ti wà lórí ìlà yẹn, lódindi, pẹ̀lú lẹ́tà ńlá àti kékeré bí mo ṣe kọ ọ́. Mi ò ja nǹkan kan, mi ò tẹ páásíwọ́ọ̀dù kankan. Mo kàn jókòó, mo gbọ́.

Ọmọ_Ẹlẹ́rọ

Mo gbọ́ yín sà. Ṣùgbọ́n ta ló máa gbé irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀ wá síwájú ilé mi? Ọ̀pọ̀ àwọn tó wà láyìíká ò mọ ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Fún àwọn yẹn, ó ṣiṣẹ́.

Bàbá_Wáyà

Àwọn tí kò mọ̀ ọ́n yẹn, páásíwọ́ọ̀dù ti dá wọn dúró tẹ́lẹ̀. Rírí orúkọ ò fún wọn ní ìwọlé. Ẹni tí ó lè ṣe nǹkan kan sí páásíwọ́ọ̀dù rẹ, òun gan-an ni ẹni tí kò ní fi ìṣẹ́jú kan wá orúkọ tí o fi pamọ́. Nítorí náà, kò sí ẹnì kan láàárín méjèèjì tí àpótí yẹn dí lọ́wọ́.

Ká ní kò ṣe rere, kò sì ṣe ibi ni, mi ò bá má sọ nǹkan kan. Ó ń ṣe ibi díẹ̀, ibi náà kì í sì í ṣẹlẹ̀ nínú ilé. Òde ló ti ń ṣẹlẹ̀. Fóònù tí ó mọ nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí kò fara pamọ́ lè dákẹ́ kó máa tẹ́tí. Tó bá gbọ́ orúkọ tó mọ̀, á wọlé. Tí kò bá gbọ́, á dákẹ́ náà. Àmọ́ èyí tí o sọ fún pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ilé fara pamọ́, kò mọ ìgbà tó dé ilé. Torí náà á máa ké orúkọ náà káàkiri: nínú ọkọ̀, níbi iṣẹ́, níbi tí o ti ń tò láti gba nǹkan. Ìwọ pa ráúta lẹ́nu mọ́, o wá fi ohùn náà sínú àpò tí o ń gbé rìn.

Aburú méjì ló wà níbẹ̀. Àkọ́kọ́, fóònù ayé ìsinsìnyí máa ń pààrọ̀ nọ́ńbà ara rẹ̀ lórí Wáífáì, kì í ṣe nọ́ńbà ìpè o, kí wọ́n má bàa tọpa rẹ̀ láti ibì kan dé ibì kejì. Tó bá ń pààrọ̀ nọ́ńbà, tó sì ń ké orúkọ kan náà tí ẹlòmíràn ò ní, ìpààrọ̀ yẹn ò ní ìwúlò mọ́. Ìkejì ló ń bà mí lẹ́rù jù. Ẹnikẹ́ni tó bá gbọ́ ohun tí fóònù rẹ ń ké lè gbé ráúta kékeré kan kalẹ̀ kó dáhùn pé “èmi nìyí.” Tó bá jẹ́ WPA2 ni, fóònù rẹ á fẹ́ fi ẹ̀rí hàn pé òun mọ páásíwọ́ọ̀dù. Kò ní sọ páásíwọ́ọ̀dù náà jáde o, ẹ̀rí ni, bí ìṣirò tí páásíwọ́ọ̀dù wà nínú rẹ̀. Àmọ́ ẹ̀rí yẹn tó fún ẹni náà láti gbé lọ sílé rẹ̀, kó máa fi ọ̀rọ̀ kan tẹ̀lé òmíràn dán an wò títí yóò fi bá a mu. Kò dé iwájú ilé rẹ rí. Lórí WPA3, ẹ̀rí tó máa gbà ò ṣeé gbé lọ sílé dán wò bẹ́ẹ̀, ìyẹn sì jẹ́ ìdí gidi láti tàn án.

Àwọn tó ń ṣe fóònù mọ èyí. Ẹ wọ ètò Wáífáì lórí Android, níbi tí wọ́n ti ń fi nẹ́tíwọ́ọ̀kì pamọ́ kún un: ìkìlọ̀ wà níbẹ̀ pé ó lè dá ewu sílẹ̀. Apple náà kọ ọ́ sínú ìmọ̀ràn wọn fún àwọn oníráúta pé kí wọ́n má fi orúkọ pamọ́.

Olùkọ́_Ìṣirò

Mo rí ìdí tí orúkọ Arínúróde fi gùn jù. Ààyè 32 yẹn kì í ṣe ti lẹ́tà, báìtì ni. Lẹ́tà tí kò ní àmì lórí tàbí lábẹ́ ń gba báìtì 1. `á` àti `é` ń gba 2. `Ẹ` tàbí `ọ` ń gba 3. Tí àmì ohùn bá tún wà lórí `ọ`, àmì náà ń gba 2 tirẹ̀, ó di 5. Ẹ jẹ́ ká kà á: `Ẹ` 3, àlàfo 1, `Káàbọ̀` 11, àlàfo 1, `Sílé` 6, àlàfo 1, `Ayọ̀` 7, àlàfo 1, `Wa` 2. Àpapọ̀ rẹ̀ 33. Báìtì kan ṣoṣo ló fi kọjá! Bí ó ṣe yọ `Wa` àti àlàfo tó ṣáájú rẹ̀, ó ku 30, ìdí nìyẹn tó fi gbà.

Ohun tí mi ò mọ̀ ni ìdí tí kọ̀ǹpútà rẹ̀ ò fi rí i.

Bàbá_Wáyà

Olùkọ́, ẹ ti fẹ́ débẹ̀. Ọ̀nà tí a lè gbà kọ `ọ̀` ju ẹyọ kan lọ. Kíbọ́ọ̀dù kan á mú `ọ` tó ti ní àmì ìsàlẹ̀ tẹ́lẹ̀, á wá fi àmì ohùn lé e: báìtì 5. Òmíràn á mú `ò` tó ti ní àmì ohùn, á wá fi àmì ìsàlẹ̀ sí i: báìtì 4. Lójú wa, ọ̀kan náà ni méjèèjì. Ráúta ò ní ojú o, báìtì ló ń fi wé báìtì. Tí èyí tí kọ̀ǹpútà ké ò bá bá tirẹ̀ mu dọ́gba, kò ní dáhùn.

Arínúróde, wo ohun tó ṣẹlẹ̀. Ó ní láti jẹ́ pé orí fóònù ni o ti kọ orúkọ náà sínú ráúta, fóònù náà lo sì fi kọ ọ́ nígbà tí o fẹ́ wọlé, kíbọ́ọ̀dù kan náà. Kọ̀ǹpútà ní kíbọ́ọ̀dù tirẹ̀. Tí Linux bá wà lórí rẹ̀, kọ ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ lórí kọ̀ǹpútà, kí o tún fi èyí tí o kọ lórí fóònù ránṣẹ́ sí ara rẹ kí o lẹ̀ ẹ́ síbẹ̀, kí o ka méjèèjì:

```
printf '%s' 'Ayọ̀' | wc -c
```

Tí ọ̀kan bá sọ 7, tí èkejì sọ 6, ọwọ́ ti tẹ̀ ẹ́. Wàhálà yìí kì bá tí yọjú ká ní orúkọ náà hàn, torí o kàn máa fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ níbi tó wà ni, kò sẹ́ni tó máa ní kó o kọ ọ́.

Ibi kẹta tí Ọmọ_Ẹlẹ́rọ ti ṣì í nìyí: ó ní orúkọ ò kan ààbò. Ó kàn án díẹ̀. Lórí WPA2, ráúta kì í lo páásíwọ́ọ̀dù rẹ bẹ́ẹ̀. Ó máa ń po páásíwọ́ọ̀dù pọ̀ mọ́ orúkọ Wáífáì, á lọ̀ wọ́n pọ̀ nígbà 4096, ohun tó bá jáde ni kọ́kọ́rọ́. Orúkọ wà nínú ohun tí a lọ̀. Tí o bá ní Linux, tẹ èyí, kí o wo bí páásíwọ́ọ̀dù kan náà ṣe ń mú kọ́kọ́rọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ jáde:

```
wpa_passphrase default iyanrinodo
wpa_passphrase SileAyo iyanrinodo
```

Àwọn tó ń já páásíwọ́ọ̀dù ti ṣe ìṣirò yìí sílẹ̀ fún àwọn orúkọ tó wọ́pọ̀ káyé, pẹ̀lú páásíwọ́ọ̀dù tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń lò. Bí orúkọ rẹ bá wà lára wọn, wọ́n kàn máa wò ó ni, wọn ò ní lọ nǹkan kan mọ́. Tí orúkọ rẹ bá yàtọ̀, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ nítorí rẹ nìkan. Ìwúlò rẹ̀ kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Tí páásíwọ́ọ̀dù bá jẹ́ `12345678`, orúkọ tó yàtọ̀ ò ní gbà ọ́, torí ìyẹn ni wọ́n máa kọ́kọ́ dán wò. Àyè páásíwọ́ọ̀dù láti 8 dé 63 ló wà. Fi ọ̀rọ̀ bíi márùn-ún tí kò tan mọ́ra wọn sí i, o ti ṣe ju ohun tí àpótí yẹn lè ṣe fún ọ láéláé.

Orúkọ tí ráúta bá wá láti ilé-iṣẹ́ náà ń sọ irú ráúta tó jẹ́ fún ẹni tó bá kà á. Àwọn ráúta kan wà láyé àtijọ́ tó jẹ́ pé láti inú orúkọ wọn gan-an lèèyàn ti lè ṣírò páásíwọ́ọ̀dù tí wọ́n bá wá. Nítorí náà o ṣe dáadáa tí o yí i. Kí o má kàn fi orúkọ ara rẹ tàbí nọ́ńbà ilé síbẹ̀.

Atẹ̀wé

Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ díẹ̀ lórí pírìńtà, nítorí iṣẹ́ tí mo ń ṣe nìyẹn. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ò mọ ọ̀nà tí wọ́n lè gbà ké orúkọ tó fara pamọ́ láìjẹ́ pé ẹ kọ ọ́ sí i, ojú kékeré tó wà lára wọn ò sì ní `ẹ` àti `ọ`. Nítorí náà, yálà ẹ jẹ́ kí orúkọ hàn tàbí kí ẹ fi lẹ́tà lásán kọ ọ́. Ẹ tún wò ó dáadáa: ọ̀pọ̀ pírìńtà, 2.4 GHz nìkan ni wọ́n ń gbọ́. Tí ráúta yín bá pín orúkọ sí méjì, tó jẹ́ pé ti 5 GHz nìkan ni ẹ yí padà, pírìńtà ṣì ń wá orúkọ àtijọ́.

Ọgbọ́n kan tún wà tí ẹ lè lò nígbà míì tí ẹ bá pààrọ̀ ráúta. Ẹ fún tuntun ní orúkọ àti páásíwọ́ọ̀dù ti àtijọ́, lẹ́tà ńlá sí ńlá, kékeré sí kékeré. Gbogbo ohun inú ilé máa wọlé fúnra wọn, ẹ ò ní fọwọ́ kan pírìńtà rárá.

Ní ọ́fíìsì wa, orúkọ kan ṣì fara pamọ́ o. Orúkọ mẹ́fà ló wà níbẹ̀, àwọn àlejò sì máa ń tẹ èyí tí kì í ṣe tiwọn. A fi ti àwọn kámẹ́rà pamọ́ kó má bàa máa dà wọ́n láàmú. Kò sí ẹni tó ń gbé kámẹ́rà yẹn jáde, orí ògiri ni wọ́n wà.

Bàbá_Wáyà

Mi ò lòdì sí ìyẹn. Ohun tí kò kúrò lójú kan, ibì kan náà ló ti ń ké orúkọ. Ẹ má kàn pè é ní ààbò.

Ọmọ_Ẹlẹ́rọ

Ó yé mi báyìí, ẹ ṣé. Mo ti lọ yọ àmì náà. Àmọ́ mo ní ìbéèrè kan: tí mo ti yọ ọ́ lórí ráúta, fóònù ti dákẹ́ náà nìyẹn?

Bàbá_Wáyà

Rárá o, ó dára tí o béèrè. Fóònù ò mọ̀ pé o ti yọ ọ́. Ọjọ́ tí o kọ orúkọ náà sínú rẹ̀ ló ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé èyí fara pamọ́, kò sì ní gbàgbé. Á ṣì máa ké e káàkiri. Wọ ibi tí àwọn nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí fóònù mọ̀ wà, tẹ orúkọ náà, tẹ `Forget`. Wá padà sí ibi tí orúkọ ti ń hàn, tẹ̀ ẹ́ níbẹ̀, kó o tẹ páásíwọ́ọ̀dù. Má tún fọwọ́ kọ orúkọ. Ṣe é lórí gbogbo fóònù tó wà nínú ilé àti kọ̀ǹpútà. Lórí Linux tó bá ní `nmcli`, o lè bi í bóyá ó ṣì ń ké e:

```
nmcli -g 802-11-wireless.hidden connection show "SileAyo"
```

Tó bá sọ `yes`, ó ṣì ń ké e. Ẹ máa rántí pé orúkọ tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ní lórí kọ̀ǹpútà yín ni ẹ máa fi sáàárín àmì yẹn.

Ìyá_Ìbejì

Mo ti yí páásíwọ́ọ̀dù padà láàárọ̀ yìí. Mo tún pe ọmọ náà, mo ṣàlàyé fún un, ojú tì í. Ẹ ṣé o, Bàbá. Ìbejì méjèèjì ti tún kọ ọ́ sínú fóònù wọn, ó kù tẹlifíṣọ̀n.

Arínúróde

Mo ti padà dé. Mo ka méjèèjì bí Bàbá_Wáyà ṣe ní kí n ṣe: èyí tí mo kọ lórí fóònù sọ 7, èyí tí mo kọ lórí kọ̀ǹpútà sọ 6. Mo wo ọ̀rọ̀ méjèèjì lórí ara wọn pẹ́, mi ò rí ìyàtọ̀ kankan títí di bí mo ṣe ń kọ èyí.

Mo ti yọ àmì kúrò lórí `Hide SSID`. Mo ti ní kí fóònù gbàgbé orúkọ náà, mo tún tẹ̀ ẹ́ wọlé. Kọ̀ǹpútà wọlé lẹ́ẹ̀kan náà, mi ò kọ orúkọ kankan. Mo tan WPA3, ó ní kí n yan èyí tó jẹ́ WPA2 àti WPA3 pọ̀ tí mo bá ní ohun àtijọ́ nínú ilé, mo sì yan ìyẹn nítorí pírìńtà. Mo tún yí páásíwọ́ọ̀dù sí ọ̀rọ̀ márùn-ún.

Pírìńtà ló kù. Ó rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì náà báyìí, ṣùgbọ́n gbogbo ibi tí àmì wà ti di àmì ìbéèrè lójú rẹ̀. Nígbà tí mo tẹ̀ ẹ́, ó gba páásíwọ́ọ̀dù, ó ronú, ó wá ní òun ò lè wọlé.

Atẹ̀wé

Ẹ kọ `Sile Ayo` lásán, ó máa wọlé. Mo ti rí irú rẹ̀ rí.

Olùkọ́_Ìṣirò

Èmi ò fara mọ́ ọn pé kí ó bọ́ àmì sílẹ̀ nítorí pírìńtà kan. Àmì ni ọ̀rọ̀ wa. Fóònù kà á, kọ̀ǹpútà kà á. Ráúta rẹ tuntun lè ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì àlejò, `Guest Network`. Fún ìyẹn ní orúkọ tí kò ní àmì, kí pírìńtà máa wọ ibẹ̀.

Atẹ̀wé

Olùkọ́, tí pírìńtà bá wà lórí ti àlejò, kọ̀ǹpútà tó wà lórí èkejì lè má rí i láti fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí i. Ọ̀pọ̀ ráúta ló máa ń ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀.

Bàbá_Wáyà

Bẹ́ẹ̀ ni, àmọ́ ráúta míì máa ń jẹ́ kéèyàn yọ ìyàsọ́tọ̀ yẹn. Lọ wò ó bóyá tìẹ ní in. Kí o tó ṣe ìyẹn, gbìyànjú ohun kan: yan WPA2 nìkan fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kí o jẹ́ kí pírìńtà wọlé. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ WPA2 àti WPA3 tí o pa pọ̀ ló ń dí i lọ́wọ́, kó má jẹ́ àmì rárá. Pírìńtà àtijọ́ kan máa ń kọsẹ̀ níbẹ̀.

Arínúróde

Màá dán ìyẹn wò lálẹ́ òní tí àwọn ọmọ bá ti kúrò lórí ẹ̀rọ, màá sì padà wá sọ èyí tó jẹ́.